Kí A Tó Ti Ọmọ Kan

Olùkọ́ ìṣirò kan wà ní Bosso, ní Minna níbí, tí mo fẹ́ràn láti máa wo nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú ohun ìṣeré kíláàsì wọn. Lára àwọn nǹkan náà ni ọpọ́n oníke pẹlẹbẹ tí a pín sí ojú mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin lóròó, mẹ́rin níbùú. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, a kọ 1 dé 15 sí wọn lára, ojú kan sì ṣófo. A kì í yọ ọmọ kúrò nínú ọpọ́n. Ńṣe là ń ti èyí tó bá kángun sí àyè wọnú àyè náà, títí gbogbo wọn yóò fi tò láti 1 dé 15, tí àyè yóò sì bọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ò ní ṣe kó má ṣe bí ọmọdé. Bí eré náà bá ti sú wọn, wọ́n á fi èékánná yọ ọmọ, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ padà síbi tó wù wọ́n. Nítorí náà, kí àǹtí yìí tó fa ọpọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ ojú. Ètè wọn á máa mì díẹ̀díẹ̀, ojú wọn á máa rìn láti òsì sí ọ̀tún, ìlà dé ìlà. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé ọpọ́n náà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ṣe é tò. Èyí tó wà lósì, bí a fi ọdún kan gbáko tì í, kò lè tò láéláé. Wọn ò sì tíì ti ẹyọ ọmọ kan.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kà á sókè kí n lè gbọ́. Ọpọ́n tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà rèé, àmì ìlà kékeré ló dúró fún àyè:

```
 5   1   3   4
 2   6   -   8
 9  10   7  12
13  14  11  15
```

“Gbàgbé pé ọpọ́n ni,” wọ́n ní. “Kà á bí ẹni ń ka ìwé, kí o fo àyè.” Ó wá di ìlà gígùn kan ṣoṣo: 5, 1, 3, 4, 2, 6, 8, 9, 10, 7, 12, 13, 14, 11, 15. Wọ́n ní kí n wò ó bí ẹbí tó tò sórí ìlà tó yẹ kí àbúrò ṣíwájú ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan náà la óò bi ẹnì kọ̀ọ̀kan: àbúrò rẹ mélòó ló ṣì wà lẹ́yìn rẹ? Àbúrò kọ̀ọ̀kan tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n jẹ́ àṣìtò kan.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn 5, a rí 1, 3, 4 àti 2, ìyẹn mẹ́rin. Kò sí ẹni tó kéré sí 1. Lẹ́yìn 3, 2 nìkan ló wà; bẹ́ẹ̀ náà ni 4. Ó di mẹ́fà. 2 àti 6 ò ní ẹjọ́. 8, 9 àti 10 ti ṣíwájú 7, ó di mẹ́sàn-án. 12, 13 àti 14 ti ṣíwájú 11, ó di méjìlá. 15 wà níparí, kò lẹ́nìkan lẹ́yìn. Àṣìtò méjìlá.

Wọ́n wá wo àyè. Ó wà ní ìlà kejì láti òkè, ìyẹn ni pé ó fi ìlà méjì ga ju ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá lọ. Méjìlá pín sí méjì láìṣẹ́kù. Méjì náà pín sí méjì láìṣẹ́kù. Ìwà àwọn méjèèjì bára mu, ọpọ́n náà sì lọ sápá ọ̀tún. Ká ní ọ̀kan ṣẹ́ku ẹyọ kan tí èkejì ò ṣẹ́kù, apá òsì ni ì bá lọ. Bí méjèèjì bá sì jọ ṣẹ́ku ẹyọ kan, wọ́n bára mu náà nìyẹn, yóò tò.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìdí tí kíkà náà ò fi lè parọ́. Ọ̀nà méjì péré ni ọmọ ń gbà rìn nínú ọpọ́n. Bí a bá tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìlà gígùn yẹn ò yí padà rárá, torí àyè nìkan ló fò, a ò sì ka àyè mọ́ wọn. Àṣìtò ò pọ̀ sí i, kò dín. Àyè ò kúrò ní ìlà tó wà. Bí a bá tì í sókè tàbí sísàlẹ̀ ńkọ́? Ọmọ náà á fo àwọn mẹ́ta gan-an lórí ìlà gígùn, nítorí ojú mẹ́rin ni ìbú ọpọ́n. Pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, àṣìtò kan á kúrò tàbí kí ọ̀kan wọlé. Bó ti wù kó rí, ìyàtọ̀ á jẹ́ mẹ́ta tàbí ẹyọ kan, kò lè jẹ́ méjì, kò sì lè jẹ́ òfo. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àyè á sún ìlà kan sókè tàbí sísàlẹ̀. Iye àṣìtò yí ìwà padà, ìlà àyè náà sì yí i padà. Wọ́n jọ yí i ni. Bí wọ́n bá bára mu níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa bára mu lọ títí. Ìtò tí à ń wá sì nìyí: àṣìtò òfo, àyè ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn méjèèjì bára mu níbẹ̀, torí náà ọpọ́n tí tirẹ̀ ò bára mu ò rí ọ̀nà débẹ̀.

Àǹtí fi ọwọ́ hàn mí. Wọ́n ti 7 sókè sínú àyè. Ó fo 8, 9 àti 10, àṣìtò mẹ́ta kúrò, ó ku mẹ́sàn-án. Àyè wá ku ìlà kan kó dé ìsàlẹ̀. Mẹ́sàn-án ṣẹ́ku ẹyọ kan, ọ̀kan náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti 11 sókè, ó fo 12, 13 àti 14. Àṣìtò ku mẹ́fà, àyè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ti 15 sósì, ohunkóhun ò yí padà nínú kíkà, àmọ́ àyè ti bọ́ sí igun rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán. 5, 1 àti 2 nìkan ló kù tó ṣìlé.

Kì í ṣe Minna ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Noyes Chapman, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú Canastota ní ìpínlẹ̀ New York, ni a gbà pé ó dá eré náà sílẹ̀. Ní òpin ọdún 1879, Matthias Rice, oníṣẹ́ igi ní Boston, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà, nígbà tó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1880, ó ti gba Amẹ́ríkà kan. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú jù ni ọpọ́n tí gbogbo ọmọ ti wà nípò, tó jẹ́ pé 14 àti 15 nìkan ló gbapò ara wọn. Ẹ kà á bí àǹtí ti ń kà á: àṣìtò ẹyọ kan, àyè sì wà ní ìsàlẹ̀ gan-an. Wọn ò bára mu. Sam Loyd, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun dá eré náà sílẹ̀, ṣèlérí 1,000 dọ́là fún ẹni tó bá lè tò ó. Irọ́ ni pé òun ló dá a sílẹ̀, owó rẹ̀ sì wà láìléwu. Onímọ̀ ìṣirò méjì, William Woolsey Johnson àti William Story, ti yanjú rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà *American Journal of Mathematics*, nínú ìdìpọ̀ ti ọdún 1879. Johnson fi hàn pé ọpọ́n tí kò bára mu ò lè tò. Story fi hàn pé èyí tó bá bára mu ò ní ṣàì tò. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún apá ti Story yìí, torí pé kí nǹkan má lòdì sí òfin kan ò tíì túmọ̀ sí pé ọ̀nà wà. Nínú 20,922,789,888,000 ọ̀nà tí a lè gbà to ọpọ́n náà, ìdajì gééré ló ṣe é yanjú.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ eré yìí sínú fóònù máa ń pàdé ìdajì kejì yẹn lójijì. Wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà da ọmọ rú bó ṣe wù ú, ẹni kan nínú méjì tó ń ta á á sì máa jìyà lásán. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kí kọ̀ǹpútà ka àṣìtò, bí kò bá bára mu, kó fi ọmọ méjì èyíkéyìí gbapò ara wọn, yóò bára mu. Kó má ṣáà fọwọ́ kan àyè.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni ti ẹni tó kọ́ òfin yìí lórí ọpọ́n kékeré, olójú mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó, tó sì gbé e wá sórí ọpọ́n ńlá. Nínú ọpọ́n kékeré, ọmọ tó bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ń fo méjì péré, torí náà àṣìtò á fi méjì yàtọ̀ tàbí kó má yàtọ̀ rárá. Ìwà rẹ̀ ò yí padà láé, a ò sì ní ka ìlà àyè kún un: bí iye àṣìtò bá pín sí méjì, ó parí. Ẹni tó bá gbàgbé àyè bẹ́ẹ̀ lórí ọpọ́n olójú mẹ́rin á ju ọpọ́n tó dáa sápá òsì. Àṣìṣe kejì ni kí a ka àyè bí ẹni pé ọmọ ni.

Kíkà yìí ò sì sọ bí a ó ṣe tò ó fún wa. Ó ń sọ pé ọ̀nà wà, kò júwe rẹ̀. Àwọn ìtò kan wà lórí ọpọ́n ńlá tó jẹ́ pé ẹni tó mọ ọ̀nà tó kúrú jù pàápàá á ti ọmọ nígbà 80.

Ọpọ́n kan wà tí kíkà lè tàn wá lórí rẹ̀, òun náà ni àǹtí fẹ́ràn jù láti fi dán àwọn ọmọ wò. Lẹ́tà ló wà lára rẹ̀ dípò nọ́ńbà, ó jẹ́ olójú mẹ́ta. Bó ṣe yẹ kó tò ni ỌMỌ, IRE, DÉ. Wọ́n á gbé e sílẹ̀ báyìí:

```
Ọ  M  Ọ
R  I  E
D  É  -
```

Bí a bá fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀, 1, 2, 3, 5, 4, 6, 7, 8 la óò kà. Àṣìtò ẹyọ kan. Kò lè tò. Ṣùgbọ́n Ọ méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ta ló sọ pé Ọ ti iwájú ni 1? Bí a bá pe ti iwájú ní 3, tí a pe ti ẹ̀yìn ní 1, ìlà náà á di 3, 2, 1, 5, 4, 6, 7, 8. 3 ṣíwájú méjì, 2 ṣíwájú ọ̀kan, 5 ṣíwájú ọ̀kan. Àṣìtò mẹ́rin, ó sì pín sí méjì. Ó ṣe é tò. Ọmọ tó bá fi Ọ méjèèjì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, tó ń bá R àti I jà, á pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá gbà kí Ọ méjèèjì gbapò ara wọn ni yóò rí I àti R bọ́ sípò.