Etí Ni Wọ́n Fi Ń Yẹ Orúkọ Wò

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ orúkọ ọjà wò kó tó dé orí àtẹ. Ẹ wo MR2, ọkọ̀ tí Tòyótà gbé jáde ní 1984. Lórí ìwé, kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é kíákíá lédè Faransé, ó dún bí èébú tó jẹ mọ́ ìgbẹ́. Ará Kùtọnu yóò gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yọ 2 kúrò, ó di MR ní ilẹ̀ Faransé.

Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè tú irú èyí fó. Ìdí nìyí tí ayẹ̀wò gidi fi ń jẹ́ kí ẹni tó ni èdè ka orúkọ sókè, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá, láìmọ irú ọjà tó jẹ́. Bó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi í ní ohun tó gbọ́.