Ìlà Kéékèèké Inú Ewì Dickinson

Emily Dickinson, akéwì ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1886, fi ìlà kéékèèké síbi tí ẹlòmíràn ì bá fi kọ́mà sí. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ewì rẹ̀ jáde ní 1890 yọ púpọ̀ nínú ìlà wọ̀nyí. Olóòtú Thomas Johnson dá wọn padà ní 1955, mo sì yìn ín.

Ẹ̀rí wà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n síbẹ̀ ni. Dickinson tún ọ̀pọ̀ ewì kọ dáadáa, ó sì fi òwú rán wọn pọ̀ bí ìwé. Àṣìṣe ìkánjú kì í sábà la àtúnkọ já. Ìlà wọ̀nyí là á já. Lóòótọ́, wọ́n wà nínú lẹ́tà rẹ̀ náà, nítorí náà gbogbo wọn kọ́ ló wúwo bákan náà. Síbẹ̀, níbi tí ìlà bá ti dá ohùn dúró kí ọ̀rọ̀ tó parí, ẹ má fọwọ́ kàn án.