Okoye Kọ́ Ló Wọ Aṣọ Náà

Wọ́n pe àwa mẹ́ta láti ṣe ìdájọ́ fọ́tò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n múra bí ẹ̀dá ìtàn. Irú ìmúra yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kọ́sípíléè. Ènìyàn á yan ẹ̀dá kan láti inú fíìmù tàbí ìwé alá wòrán, á wá aṣọ rẹ̀, á ṣe orí bíi tirẹ̀, á sì dúró bí ẹ̀dá náà ṣe máa ń dúró, kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọbìnrin kan múra bí Okoye, ọ̀gágun àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ọba Wakanda nínú fíìmù Black Panther tó jáde ní 2018. Ọ̀kan nínú wa wo fọ́tò náà, ó ní, "Ojú ọmọ yìí ti le jù. Kò ní ìtẹríba rárá." Èmi náà mi orí sí i. Máàkì 4 nínú 10 ni a fún un fún ìdúró àti ìrísí ojú. Nígbà tí mo délé ni mo tó bi ara mi léèrè pé, ojú ta ni ó le?

Àwọn àgbà sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, bí ẹni tí a ń wò bá ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò báyìí, ojú àyálò ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún wa bó bá jẹ́ eégún, nítorí aṣọ bo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìwà ará ọ̀run kan ọmọ aráyé. Ti kọ́sípíléè yàtọ̀. Ojú ọmọ náà wà níta gbangba, a sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti gbàgbé pé ẹni méjì ló wà nínú fọ́tò kan: ẹ̀dá ìtàn, àti olùmúra tó ń ṣe bíi tirẹ̀.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni pé ká béèrè nípa gbogbo ohun tí a rí pé, ta ló yàn án? Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò Okoye náà wò. Aṣọ pupa, ẹ̀gbà ọrùn aláwọ̀ wúrà, orí fífá tó ní àmì lára, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ náà yàn. Ruth E. Carter ló ṣètò àwọn aṣọ inú fíìmù náà, iṣẹ́ yìí ló sì jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Ọ́sìkà ní 2019. Ó wo aṣọ pupa àwọn Maasai àti ẹ̀gbà ọrùn àwọn obìnrin Ndebele kó tó ṣe tirẹ̀. Ó fi àwọ̀ wúrà sára Okoye láti yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ tó kù. Nítorí náà, bí adájọ́ bá ní, "Aṣọ yìí mà lẹ́wà o," tó sì fi máàkì kún un, Carter ló ń yìn, kì í ṣe ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Àwa náà ṣe àṣìṣe yìí. Máàkì 8 tí a fún aṣọ rẹ̀, ẹwà tí ẹlòmíràn ṣètò ló mú ọ̀kan nínú rẹ̀ wá.

Kí wá ni ti ọmọ náà? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò fá orí. Fìlà rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn òṣèré fi ń bo irun ló dé. Bí ènìyàn bá wo iwájú orí rẹ̀ dáadáa, á rí ìlà kan níbi tí rọ́bà ti pàdé awọ ara, nítorí gọ́ọ̀mù kò mú etí rẹ̀ dáadáa, àtíkè kò sì bò ó. Àbùkù olùmúra nìyẹn, ó yẹ kó pàdánù máàkì díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe ẹní ìdárayá ló gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì kùn ní àwọ̀ wúrà. Àwọn ẹ̀gbà náà bára wọn dọ́gba, ojú ìsopọ̀ wọn wà lẹ́yìn ọrùn níbi tí kò hàn, ọ̀dà náà kò sì sán níbi tí ọrùn ti tẹ̀. Ẹni tó ti gé fóòmù rí mọ̀ pé iṣẹ́ sùúrù ni. Máàkì ibẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ojú tó le. Ọmọbìnrin mìíràn wà tí òun náà múra bí Okoye, tó di ọ̀kọ̀ mú bí ẹni tó ń ṣọ́nà, ṣùgbọ́n tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ayafọ́tò. A fún un ní 9 nínú 10 fún ìrísí ojú, nítorí pé "ọmọ dáadáa ni." Okoye kì í ṣe ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín o. Nínú fíìmù náà, ó ń fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró ṣọ́ ọba, ojú rẹ̀ kì í dẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rín ni àṣìṣe, bí kò ṣe pé ẹ̀rín náà kò bá ìdúró mu. Ọmọ àkọ́kọ́ mú ojú àti ìdúró bára wọn mu. Ohun tí a pè ní àìní ìtẹríba, òye ìtàn ni.

Ohun kan tún wà tí olùmúra àti ẹ̀dá ìtàn kò yàn. Gíga ọmọ, sísanra rẹ̀ àti àwọ̀ ara rẹ̀ kò yẹ kó wọnú ìdájọ́ rárá. Danai Gurira, tó ṣe Okoye nínú fíìmù, ní ara tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè rán ìyẹn. Bákan náà, bí òjìji bá bo ọ̀kọ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ kò hàn, ayafọ́tò ni ká bi.

Síbẹ̀, fọ́tò nìkan kò lè sọ ẹni tó rán aṣọ. Ó lè jẹ́ ọmọ náà, ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì lè rà á lọ́jà. Èyí tí mo sọ nípa fóòmù, àwòrán mẹ́ta tí ọmọ náà yà nígbà tó ń ṣe é, tó sì fi sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ni mo ti rí i. A kò tilẹ̀ ṣí ojú ewé náà lọ́jọ́ ìdájọ́. Bí ìdíje bá fẹ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ ní máàkì, kí ó béèrè fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ.

Mo tún máàkì náà ṣe. Èkínní tí a fún ní 8 àti 4 di 7 àti 9, ìyẹn 16 nínú 20. Ẹlẹ́rìn-ín tí a fún ní 6 àti 9 di 6 àti 5, ìyẹn 11. Ẹni tí a fi sẹ́yìn ló yẹ kó wà níwájú. A ti pín ẹ̀bùn, kò sì ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ọmọ tí kò jalè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "kò ní ìtẹríba" ti wà lórí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ kejì, èyí ló sì dùn mí jù. Mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀, mo ní kó bá mi pè é. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un níwájú olùkọ́ rẹ̀ pé Okoye ni ojú rẹ̀ le, àti pé òun ló mọ̀ ọ́n ṣe.