Ènìyàn mẹ́fà péré

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prọ́f, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka eléyìí, ṣé òótọ́ ni?" Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ìwé kọ, èdè rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà gúnlẹ̀ sí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ohun tó ṣe ni pé ó mú èsì ìwádìí kan lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó fo ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì lọ tààrà sí àtẹ tó pín èsì náà ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ọjọ́ orí. Níbẹ̀ ló ti rí i pé àwọn tó ti kọjá ọdún 65 tí wọ́n ní àwọn máa gba abẹ́rẹ́ kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Ló bá parí ọ̀rọ̀ sí i pé àwọn arúgbó ti kọ abẹ́rẹ́, kí ìjọba yéé gbé oògùn dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọjà àti ilé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ ìlera bá gba ìmọ̀ràn yìí, ìyá àgbà tí kò lè rìn dé ọjà ló máa jìyà rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ìwé ìròyìn náà. Mo sì ti fi nọ́ńbà tó rọrùn ṣírò rọ́pò tirẹ̀, kí a lè jọ ṣe ìṣirò náà láì lo ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn 1,600 ni wọ́n bi ní ìbéèrè, tí 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ní àwọn máa gbà á. Nínú ìsọ̀rí márùn-ún àkọ́kọ́, láti ọdún 18 títí dé 65, èsì náà wà láàárín 39 sí 42. Nínú ti àwọn tó kọjá 65, 28 ni. Ẹni tó bá wo àtẹ yìí lójú kan máa ní ìyàtọ̀ dé.

Mi ò dédé mú 1,600. Iye àgbàlagbà tí àwọn Afrobarometer bi ní ìbéèrè ní Nàìjíríà lọ́dún 2022 nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé èsì náà lè fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Níbo ni 2.5 ti wá? Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi lọ́po ara rẹ̀, 1,600 ni yóò jẹ́. 40 ni. Ẹ wá pín 100 sí ọ̀nà 40, ẹ ó rí 2.5. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí ló sì máa ń bá mi ṣe é bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo 1,600 ló ni 2.5 yẹn, kì í ṣe ti ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé wa ti ṣìnà. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kọjá 65 jẹ́ 50. (Àwọn arúgbó kì í pọ̀ nínú ìwádìí ní ìlú tí ọ̀dọ́ pọ̀ bíi tiwa, iye wọn kì í sì í sábà sí nínú ìròyìn, ìsàlẹ̀ àtẹ lèèyàn ti máa ń wá a.) Méje lọ́nà méje jẹ́ 49, ó kù díẹ̀ kó tó 50. Tí a bá pín 100 sí ọ̀nà méje, ó lé díẹ̀ ní 14. Nítorí náà 28 yẹn lè jẹ́ 14, ó sì lè jẹ́ 42. 40 tí gbogbo ìlú ní wà nínú àyè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ọ́ bí ẹni ń ka orí ènìyàn. 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 50 jẹ́ arúgbó 14. Ká ní bákan náà ni wọ́n rí pẹ̀lú àwọn yòókù, 20 là bá retí. Ènìyàn mẹ́fà péré ló wà láàárín òótọ́ àti ariwo. Orí mẹ́fà yìí ni wọ́n fẹ́ gbé ètò ìlera ìpínlẹ̀ kan kà.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó wá ẹ̀wà pupa mẹ́rin àti ẹ̀wà funfun mẹ́fà, kó dà wọ́n sínú igbá. Kó mú ẹyọ kan láì wò ó, kó kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó dá a padà, kó gbọn igbá náà dáadáa, kó tún mú. Nígbà tó bá mú un ní àádọ́ta ìgbà, kó ka iye pupa. 20 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ṣe é léraléra, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́sàn-án ló máa rí 14 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó rí 26 sókè. Igbá ò yí padà, ẹ̀wà ò yí padà. Àkọsẹ̀bá lásán ni.

Igbá ẹlẹ́wà tiẹ̀ ṣàánú wa. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí kì í mú ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni àwọn Afrobarometer máa ń yàn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ará àdúgbò kan náà sì máa ń ronú jọra: nọ́ọ̀sì kan tó lẹ́nu búburú ti tó láti lé gbogbo wọn sá. Nítorí náà, ọgbọ́n 50 arúgbó lè má tó ti 50, àyè àṣìṣe á sì fẹ̀ ju 14 lọ.

Ohun tó tún burú jù ni yíyàn. Ìbéèrè ogún ló wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ìsọ̀rí ọjọ́ orí sì jẹ́ mẹ́fà: 120 àpótí ni ojú ẹni tó ń wá ohun tó yàtọ̀ máa rìn lé lórí. Ká ní ọjọ́ orí ò tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà rárá, tí a sì lo òdiwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún tí àwa oníṣirò fẹ́ràn, nǹkan bíi mẹ́fà nínú 120 yẹn á ṣì yọrí bí ìyàtọ̀ gidi. Òǹkọ̀wé mú ọ̀kan, kò sọ fún wa pé òun ti wo mélòó.

Àwọn oníṣègùn ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Nínú ìwádìí ISIS-2, tó jáde nínú The Lancet lọ́dún 1988, wọ́n fi ásípírìnì wo àwọn tí àrùn ọkàn kọlù lójijì. Àwọn aláìsàn ju 17,000 lọ, oògùn náà sì dín ikú kù ní kedere. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà wá fi ìràwọ̀ ọjọ́ ìbí pín àwọn aláìsàn, kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tí pípín lè fà: fún àwọn tí ìràwọ̀ wọn jẹ́ Jẹ́mínì àti Líbrà, ó dà bíi pé ásípírìnì ń pa wọ́n lára díẹ̀! Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, nítorí ìràwọ̀ ni. Ká ní ọjọ́ orí ni, àwa náà ì bá ti máa wá àlàyé.

Ní tòótọ́, ọjọ́ orí kì í ṣe ìràwọ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn arúgbó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àtẹ yìí ò sì lè sọ pé wọn ò bẹ̀rù. Ká ní èsì náà ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti ìsọ̀rí dé ìsọ̀rí, bíi 46, 43, 40, 37, 33, 28, ǹ bá fetí sí i gan-an, nítorí gbogbo 1,600 ló ń jẹ́rìí nígbà náà. Kí márùn-ún jókòó sójú kan, kí èyí tó kéré jù nìkan já bọ́, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Kò sì sí ẹ̀tọ́ níbẹ̀ pé kéèyàn ti rí èsì tán kó tó máa da ìsọ̀rí pọ̀ tàbí kó máa sún ààlà ọdún títí tí yóò fi rí ohun tó fẹ́.

Èsì tí mo fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kò gùn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn arúgbó kọ abẹ́rẹ́, kó lọ bi 400 nínú wọn, ní àdúgbò tó pọ̀, kó sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo náà sílẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ogún lọ́nà ogún ni 400. Àyè àṣìṣe á wá sún mọ́ márùn-ún. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, kí ọkọ̀ abẹ́rẹ́ ṣì máa lọ sí ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà.