Náírà Ọdún Wo Ni? Àyẹ̀wò Ìwé Àbá Kan Lórí Ilé Iṣẹ́ Gàrí

Ìwé àbá kan wà níwájú mi, olójú-ewé mọ́kànlá, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tẹ̀ ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ ₦10,000,000 nínú owó tí gbogbo wọn jọ fi pamọ́, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, jáàkì tí a fi ń fún un, agbada ìyan gàrí, àti ẹ́ńjìnnì tí yóò máa gbé wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò kọ èdè bí ẹni ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ojú-ewé keje, níbi tí wọ́n ti ka owó, ni èmi àti òun ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn mìíràn wà nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra yẹ̀ ẹ́ wò.

Iye tí wọ́n ní yóò máa wọlé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ẹ̀gẹ́, epo dísù àti owó òṣìṣẹ́, rèé: ọdún kìíní ₦1,000,000, ọdún kejì ₦3,000,000, ọdún kẹta ₦2,000,000, ọdún kẹrin ₦6,000,000, ọdún karùn-ún ₦7,000,000. Owó náà kò dọ́gba, ìdí tí kò fi dọ́gba sì mọ́gbọ́n dání. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yóò lo bí ọdún kan nínú ilẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kò ní rí ẹ̀gẹ́ tó lọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kẹta, wọ́n á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún karùn-ún, wọ́n á ta ẹ̀rọ náà ní tokunbọ̀, owó rẹ̀ á sì wọ inú èrè ọdún yẹn. Títí débí, iṣẹ́ olóòótọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé náà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di ₦19,000,000, ó sì parí ọ̀rọ̀ báyìí pé bí owó tó wọlé bá ti ju owó tó jáde lọ, kí a gba àbá náà wọlé. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lé! Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dá èsúsú rí mọ ibi tí àléébù wà. Èsúsú tí gbogbo yín ń dá iye kan náà, tí gbogbo yín sì ń kó iye kan náà, kí ló dé tí ẹ fi ń jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó o? Nítorí pé owó tí a kó lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a ó kó lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, bí iye ara rẹ̀ tilẹ̀ dọ́gba. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ ní ojú-ewé kejì pé owó yìí ń mú 20% wọlé lọ́dún níbi tí ẹgbẹ́ fi í sí báyìí. Bí ₦1,000,000 òní bá máa di ₦1,200,000 ní ọdún tó ń bọ̀, á jẹ́ pé ₦1,000,000 ọdún tó ń bọ̀ kò ju ₦833,000 òní lọ. A kàn pín in sí 1.2 ni. Ti ọdún kejì, a ó pín in sí 1.2 lẹ́ẹ̀mejì, ti ọdún kẹta lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó tí a kọ́kọ́ ná ni ìwé náà ì bá ti wá. Mo rí i tí àwọn kan ń pè é ní «iye òní lẹ́yìn àyọkúrò». Èmi fara mọ́ «àjẹṣẹ́kù òní», nítorí pé ohun tó ṣẹ́ kù ní owó òní gan-an ni, ẹgbẹ́ tó kọ ìwé yìí sì ti ń jẹ́ orúkọ náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Mílíọ̀nù kan ọdún kìíní di ₦833,000. Mẹ́ta ọdún kejì, tí a pín sí 1.44, di ₦2,083,000. Méjì ọdún kẹta di ₦1,157,000, mẹ́fà ọdún kẹrin di ₦2,894,000, méje ọdún karùn-ún sì di ₦2,813,000. Ẹ wo méje yẹn dáadáa: òun ló tóbi jù lórí ìwé, síbẹ̀ kò tó mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ nígbà tí a gbé e dé òní. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦9,781,000. A yọ mílíọ̀nù mẹ́wàá kúrò, ó ku ₦219,000 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Òfin rẹ̀ kò le: bí àjẹṣẹ́kù òní bá ju òdo lọ, gbà á, bí kò bá tó òdo, kọ̀ ọ́, bó bá jẹ́ òdo gééré, kò sí ìyàtọ̀ láàárín kí ẹ ṣe é àti kí ẹ fi í sílẹ̀. Lórí àwọn iye tí wọ́n kọ, kí wọ́n kọ̀ ọ́ ni.

Àmọ́ kí ẹ má ṣe ṣi ₦219,000 yẹn gbọ́. Kò túmọ̀ sí pé owó yóò sọnù nínú àpótí ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ náà á pa owó. Ohun tó ń wí ni pé ibi tí owó wà tẹ́lẹ̀ á pa jù ú lọ. Ẹni tí kò bá gbà lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn: bí mílíọ̀nù mẹ́wàá bá jókòó síbi tó wà ní 20% fún ọdún márùn-ún, á di ₦24,883,000. Bí wọ́n bá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń kó gbogbo owó tó ń wọlé lọ síbi 20% yẹn bó ṣe ń dé, ọwọ́ wọn á ba ₦24,338,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦545,600 ní owó ọdún karùn-ún. Ẹ pín in sí 1.2 lẹ́ẹ̀márùn-ún, ₦219,000 náà lẹ ó tún bá pàdé.

Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ náà gbìyànjú àtúnṣe kan, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Ó pín mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún sí ọ̀nà márùn-ún, ó rí ₦3,800,000 lọ́dún, ó wá fi tábìlì ìṣirò gbé e dé òní ní 20%. Èsì rẹ̀ ni ₦1,364,000 sókè òdo: «ẹ gbà á!» Ìṣirò rẹ̀ kò lábùkù, ohun tó ṣírò ni kò sí láyé. Nígbà tó dọ́gba owó náà, ńṣe ló mú owó ọdún kẹrin àti karùn-ún wá síwájú, ó fún ọdún kìíní ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta lè mú wá. Owó tí kò dọ́gba kò ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ kí a tó gbé e dé òní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń gbé e. Bí owó ńlá bá wà ní ìparí, ìdọ́gba á máa pọ́n àbá náà lé. Bó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa bù ú kù.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa kọ̀ǹpútà. Bí mílíọ̀nù mẹ́wàá tó jáde bá wà ní B2 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, tí ti ọdún márùn-ún sì wà ní B3 dé B7, ọ̀pọ̀ ènìyàn á tẹ ti àkọ́kọ́ yìí, èyí tó tọ̀nà sì ni ìkejì:

```
=NPV(0.2,B2:B7)
=B2+NPV(0.2,B3:B7)
```

Excel gbà pé iye àkọ́kọ́ tí ẹ fún NPV dé ní ìparí ọdún kìíní. Nítorí náà, ti òkè yẹn sún gbogbo nǹkan síwájú ní ọdún kan, ó sì bọ́ sí ₦183,000 nísàlẹ̀ òdo dípò ₦219,000. Kò yí ìdájọ́ padà, torí pé gbogbo rẹ̀ ló pín sí 1.2, ṣùgbọ́n iye tí ẹ máa kà fún àwọn àgbà ìpàdé kò ní jẹ́ òótọ́.

Ó wá ku ibi tó dùn mọ́ mi jù, torí pé ọ̀rọ̀ èdè ni. Ẹ wò ó: ní 19%, àbá yìí bọ́ sí ₦71,000 lókè òdo. Ní 20%, ó bọ́ sísàlẹ̀. Ẹyọ kan péré ló pààlà sáàárín «gbà á» àti «kọ̀ ọ́». Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há tó báyìí, a ní láti mọ irú náírà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Gbólóhùn tí ìwé náà fi ṣàlàyé rẹ̀ ni pé «iye tí ọjà ń tà ni a ó máa ta àpò gàrí». Yorùbá tó dára ni, ó sì lè ní ìtumọ̀ méjì. Ṣé iye tí ọjà ń tà *báyìí* ni, tí a ó sì dì í mú fún ọdún márùn-ún? Àbí iye tí ọjà bá ń tà *nígbà náà*, lọ́dún kọ̀ọ̀kan? «Ń tà» kò so ara rẹ̀ mọ́ àkókò kankan. Ohun tó yí i ká ni yóò fi àkókò hàn, ojú-ewé keje kò sì fi nǹkan kan yí i ká.

Bó bá jẹ́ ìtumọ̀ kejì, ìdájọ́ wa dúró. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n ti fi òṣùwọ̀n méjì wọn ẹrù kan. Nínú 20% tí ẹgbẹ́ ń gbà, apá kan kì í ṣe èrè rárá. Ńṣe ló ń dí ihò tí ọ̀wọ́ngógó ń gbẹ́ sínú owó. Irving Fisher ará Amẹ́ríkà ya méjèèjì sọ́tọ̀ kedere nínú ìwé rẹ̀ lórí èlé tó jáde ní 1930. Ẹ ò lè fi èlé tó ti ka ọ̀wọ́ngógó mọ́ra wọn owó tí kò kà á. Ká ní owó ọjà ń gòkè ní 15% lọ́dún. Ẹ pín 1.20 sí 1.15, ẹ ó rí i pé èrè gidi tí 20% yẹn ń mú wá kò ju bíi 4.35% lọ. Ẹ fi 4.35% yìí wọn àwọn iye inú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí owó òní, àjẹṣẹ́kù rẹ̀ á fò sókè dé nǹkan bí ₦6,190,000. Àbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ á di èyí tí a gbọ́dọ̀ gbà!

Kí ẹnikẹ́ni má tíì yọ̀ o. Kí ìyẹn tó ṣẹ, owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó ní láti máa gòkè ní 15% náà, kì í ṣe owó gàrí nìkan. Bí dísù bá sáré ju gàrí lọ, mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn á yọ́ bí òrí ninu oòrùn. Bákan náà, 20% jẹ́ èlé ibi tí owó náà wà, níbi tí ẹ̀rọ kankan kì í ti í bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ gàrí léwu jù ú lọ, ó sì yẹ kí èlé tí a fi wọ̀n ọ́n gòkè díẹ̀ nítorí èyí.

Nítorí náà, mo dá ìwé náà padà pẹ̀lú ìbéèrè méjì tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé keje: náírà ọdún wo ni ẹ kọ síbí, àti pé lójú tiyín, èwo ni yóò yára gòkè jù, owó àpò gàrí ni tàbí owó gálọ̀nù dísù? Mo fa igi sí orí ₦19,000,000. Ìpàdé ìdìbò wọn di oṣù tó ń bọ̀.