Ojú Táyé, Ojú Kẹ́hìndé

Ilẹ̀ Ìbàràpá pupa. Ọ̀nà erùpẹ̀ tó lọ sóko pupa, ògiri àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ pupa, páànù orí ilé tó ti dípẹtà náà pupa. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á gbé pupa yìí sókè, á sì fi bo ewé ẹ̀bá títì láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà. Títún àwọ̀ fíìmù ṣe ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn bí ilẹ̀ yìí ṣe máa ń rí nínú àwòrán ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ lọ. Àmọ́ kò sí ibi tó tún le ju ibẹ̀ lọ láti mú àwọ̀ fíìmù dọ́gba. Àwọn ohun èlò tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ máa ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè nípa odidi àwòrán, ilẹ̀ ni wọn yóò máa ròyìn rẹ̀ fún wa, kì í ṣe èèyàn.

Nínú DaVinci Resolve, àwọn àpótí kan wà tí n kì í pa dé láti àárọ̀ dalẹ́. `Waveform` ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. Apá òsì rẹ̀ ni apá òsì àwòrán, apá ọ̀tún rẹ̀ ni apá ọ̀tún àwòrán; ohun tó dúdú á wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá 0, ohun tó funfun á gòkè lọ sí 100. `Parade` ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ó ya pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. `Vectorscope` ní tirẹ̀ rí róbótó. Ohun tí kò ní àwọ̀ kankan á wà láàárín gbùngbùn. Bí àwọ̀ bá ṣe jinlẹ̀ tó ni yóò ṣe jìnnà sí àárín tó, ìhà tó sì kọrí sí ni yóò sọ irú àwọ̀ tó jẹ́. `Histogram` kàn ń ka iye àmì tíntìntín inú àwòrán tó dúdú, tó wà láàárín àti tó mọ́lẹ̀ ni, kò mọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn wà.

Lórí `Vectorscope` yìí, ìlà kan wà láàárín ìhà pupa àti ìhà àwọ̀ ìyeyè, níbi tí ọwọ́ aago máa ń wà bí agogo mọ́kànlá bá lù. Ìlà awọ ara nìyẹn. Ẹni tó dúdú bí kóró iṣin àti ẹni tó pupa rúsúrúsú, ìtòsí ìlà kan náà ni ojú wọn yóò bọ́ sí, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó ń pa awọ láró kò yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, bó ṣe pọ̀ tó lára ló yàtọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti máa ń hàn ketekete ni `Waveform`. Awọ dúdú tí oòrùn tàn sí, mo máa ń fẹ́ kí ó wà láàárín 35 sí 48. Níbi òjìji, 28 sí 38. Lábẹ́ àtùpà lálẹ́, 15 sí 25, àfi iwájú orí tó ń dán nìkan ló lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tèmi nìwọ̀nyí. Ẹlòmíràn lè fẹ́ kí ojú mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn kò burú, bí kò bá ṣáà ti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà láàárín fíìmù kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí n kò fi gbọ́kàn lé ojú tèmi? Ìdí ni pé ojú tètè máa ń bá ohun tó ń wò lò. Bí mo bá jókòó ti àwòrán tó pọ́n fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ọpọlọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pupa yẹn dànù fúnra rẹ̀, á sì máa sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ìran tó kàn bá wọlé, tó sì jẹ́ inú yàrá tó tutù, yóò dà bíi pé búlúù ló kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Àpótí `Vectorscope` kì í káàárẹ̀, kò sì rántí ohun tó rí ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ni ibi tó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ bíi tèmi ti dán ọwọ́ wọn wò. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀, tí àwọn ìbejì yóò wọ aṣọ kan náà jáde, ọmọdé àti àgbà. Bí fíìmù bá ní ìbejì méjì nínú, kò sí ibi tí àṣìṣe àwọ̀ lè sá pamọ́ sí. Awọ kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Bí ojú ọ̀kan bá pọ́n ju ti èkejì lọ, òǹwòran kò ní mọ ohun tó ń dà á láàmú, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Táyé wà nínú àgbàlá, lábẹ́ òjìji. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ya tirẹ̀. Kẹ́hìndé ń bọ̀ láti oko lójú ọ̀nà erùpẹ̀. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni wọ́n ya ìyẹn, nínú ọyẹ́. Nínú ìtàn, wákàtí kan náà ni ìran méjèèjì, àwọn méjèèjì sì wọ àdìrẹ tó ní funfun àti aró. Lẹ́yìn tí mo ti yí àwòrán kúrò ní `S-Log3` sí `Rec.709`, mo wo `Parade` Kẹ́hìndé: pupa fi bí 10 ga ju búlúù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tí ń mú àwọ̀ dọ́gba fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà fa pupa wálẹ̀, ó gbé búlúù sókè, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tò dọ́gba. Olùdarí fíìmù tó jókòó lẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe Kẹ́hìndé? Ó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.”

Òótọ́ ni. Ọ̀nà ti di àwọ̀ eérú, ojú Kẹ́hìndé sì ti funfun pàrọ̀pàrọ̀. Ìdí ni pé bọ́tìnnì yẹn gbà pé bí a bá da gbogbo àwọ̀ inú àwòrán pọ̀, ohun tí kò ní àwọ̀ ló yẹ kó jáde. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìgboro Èkó. Ní Ìbàràpá, ilẹ̀ ló gba ìdajì àwòrán, ilẹ̀ náà sì pupa ní tòótọ́. Kì í ṣe àṣìṣe kámẹ́rà.

A dá a padà. Ohun tí mo wá ni ibi kan nínú àwòrán tó yẹ kó funfun ní ti ẹ̀dá rẹ̀, ìyẹn ìlà funfun ara àdìrẹ. Níbí yìí gan-an ni ó yẹ kí a lajú. Ní etí ìṣẹ́po, nítòsí ilẹ̀, funfun yẹn wà ní pupa 66, àwọ̀ ewé 58, búlúù 49, nítorí oòrùn tó bá ilẹ̀ ń ta padà sí i. Ní èjìká, níbi tí ìmọ́lẹ̀ láti òkè nìkan ti ń tàn sí i, ó wà ní 72, 71, 69. Èjìká ni ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́. Ohun tó yẹ kí n tún ṣe kò ju 3 lọ, kọ̀ǹpútà sì ti tún 10 ṣe. Mo gbé búlúù sókè díẹ̀, mo sì fi pupa etí ìṣẹ́po sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé òun ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé orí ilẹ̀ yẹn ni ọmọ náà ń rìn.

Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí ojú rẹ̀. `Vectorscope` odidi àwòrán kò lè ràn mí lọ́wọ́, nítorí erùpẹ̀, páànù tó dípẹtà àti awọ ara, ìtòsí ìlà kan náà ni gbogbo wọn bọ́ sí, wọ́n sì dì mọ́ra wọn. Ẹni tó bá rí i pé ìlà náà kún yóò rò pé awọ ara ti dára, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló kún un. Nítorí náà, mo máa ń fa róbótó kan yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, mo sì sọ gbogbo ohun tó kù di dúdú fún ìgbà díẹ̀, kí ojú nìkan lè sọ tẹnu rẹ̀. Ti Táyé wà lórí ìlà gẹ́lẹ́. Ti Kẹ́hìndé tẹ̀ sí ìhà ìyeyè díẹ̀ nítorí eruku, ó sì wà láàárín 44 sí 55 lórí `Waveform`. Mo fi `Gamma` rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi wọ 35 sí 48, mo sì dá a padà sórí ìlà. Ojú Táyé dúró sí ìwọ̀n ti òjìji. Kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ojú àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, torí pé ọ̀kan wà nínú oòrùn, ọ̀kan wà lábẹ́ òjìji. Ìhà tí àwọ̀ wọn kọrí sí ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ó ku ọyẹ́. Nínú àwòrán Kẹ́hìndé, igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò dúdú rárá, 20 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ. Bí mo bá fà á wálẹ̀ sí 3, eruku á pòórá, ọ̀sán ọyẹ́ á sì di ọ̀sán oṣù Òkúdu. Irun orí Kẹ́hìndé tó wà nítòsí ni mo fi ṣe òdiwọ̀n dúdú. Nítorí pé `Waveform` ń to nǹkan láti òsì sí ọ̀tún, mo mọ ibi tí irun náà wà nínú rẹ̀. Mo mú un dé 5, mo sì jẹ́ kí igi òkèèrè máa rí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ.

`Histogram` ni mo ń lò kéré jù, àmọ́ ohun méjì wà tí òun ló ń kọ́kọ́ sọ fún mi. Bí òkìtì bá ga gègèrè mọ́ etí ọ̀tún, ojú ọ̀run ti jóná, kámẹ́rà kò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Fífà á wálẹ̀ kò lè dá ìkùukùu padà, àwọ̀ eérú pẹrẹsẹ nìkan ni yóò fún wa. Èkejì ni eyín òòyà. Àwòrán tí wọ́n fi kámẹ́rà tó ń fò yà lókè Èrúwà sábà máa ń jẹ́ ti 8-bit, ìyẹn ni pé ìpele 256 péré ló wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá nà án jù, àlàfo á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín àwọn ìpele náà, `Histogram` á sì dà bí òòyà. Bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ojú ọ̀run yóò yọ ìlà lórí tẹlifíṣàn ńlá, bí mọ́nítọ̀ tèmi kò tilẹ̀ fi hàn. Mo máa ń dín bí mo ṣe nà án kù, mo sì máa ń fi hóró fíìmù díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn tí ìran kọ̀ọ̀kan bá ti dára tán, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Mo máa ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé àti ti Kẹ́hìndé láti inú ìran pàtàkì kọ̀ọ̀kan, kí n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti òsì sí ọ̀tún nínú àwòrán kan ṣoṣo, kí n sì wá wo `Waveform`. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan á di òpó kan. Àwọn òpó alẹ́ á wà nísàlẹ̀, ti òjìji á tẹ̀ lé e, ti oòrùn á wà lókè wọn. Èyí tó bá yọrí láàárín ẹgbẹ́ tirẹ̀, a rí i lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé wákàtí kan ni ìran rẹ̀ fi jìnnà sí àwọn yòókù nínú fíìmù. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń yíjú sí `Vectorscope`: gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ojú ọ̀sán gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Ti abẹ́ àtùpà lè yà kúrò níbẹ̀, nítorí iná àtùpà pọ́n, ṣùgbọ́n bí Táyé bá yà, Kẹ́hìndé tó jókòó tì í gbọ́dọ̀ yà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá yà ju èkejì lọ, mo máa ń ṣí ìran náà padà kí n tó fi fíìmù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.