Ilẹ̀ Tó Wà Láàrin Igi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣa fọ́tò tí yóò wọ inú ìwé jọ́gíráfì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Púpọ̀ nínú fọ́tò wọ̀nyí kì í ní orúkọ ibi tí wọ́n ti yà wọ́n. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ bóyá igbó kìjikìji ni, tàbí ọ̀dàn onígi, tàbí ilẹ̀ gbígbẹ tó fẹ́ di aṣálẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidigidi, nítorí pé ewéko fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí, kì í sì í purọ́ fún ẹni tó mọ ibi tí yóò wò.

Àwọ̀ ewé kọ́ ni ibi náà. Nínú oṣù kẹjọ, ọ̀dàn Òkè-Ògùn máa ń tutù yọ̀yọ̀, ilẹ̀ Yóbè lókè lọ́hùn-ún náà á sì hu koríko tútù. Ilẹ̀ tó wà láàrin igi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Nínú igbó kìjikìji, orí igi ti so kọ́ra débi pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ewé gbígbẹ àti ọ̀dọ́ igi lo máa rí nísàlẹ̀, o ò ní rí koríko tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Àràbà àti afárá á ta gbogbo igi yòókù yọ, ara wọn á gún régé láìyọ ẹ̀ka títí dé òkè, gbòǹgbò ńlá á là jáde nídìí wọn bí ògiri, ìtàkùn á sì rọ̀ sílẹ̀ láti orí wọn.

Tí koríko bá ti bo ilẹ̀ lábẹ́ igi, tó sì ga tó ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dàn la wà yẹn. Níbẹ̀ ni mo máa ń fẹ fọ́tò lójú, tí n ó wo ìdí igi. Ọdọọdún ni iná ń jó ọ̀dàn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, igi tó bá sì máa yè é gbọ́dọ̀ ní èèpo tó nípọn. Wo igi òrí: èèpo rẹ̀ sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì dúdú níbi tí iná ti lá a. Ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ ló wọ́, nítorí pé iná jó ṣóńṣó orí wọn nígbà tí wọ́n kéré, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ló wá gba ipò rẹ̀.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí òjò ọdún kan kì í sábà ju mìlímítà 600 lọ, koríko kúrú, ó sì wà ní ìdì ìdì, yanrìn ló wà láàrin wọn. Iná kì í rí ọ̀nà sáré níbẹ̀, nítorí náà ìdí igi kì í sábà dúdú. Igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún tí ewé rẹ̀ kéré ló pọ̀. Àwọn olóòtú fẹ́ràn igi oṣè púpọ̀, ṣùgbọ́n oṣè ń hù ní ọ̀dàn, ó ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ. Òun nìkan kò lè jẹ́rìí ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni gáwò, tó ń gbọn ewé dànù lásìkò òjò, tó wá ń tutù nígbà tí gbogbo igi yòókù ti gbẹ.

Fọ́tò kan dé bá mi tí wọ́n ti kọ “igbó kìjikìji” sí lábẹ́. Odò ló wà láàrin rẹ̀, igi gíga dúdú dí mọ́ ọn lápá méjèèjì, ìtàkùn sì rọ̀ sórí omi. Ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní igun òkè lápá ọ̀tún, koríko gbígbẹ yọ díẹ̀, igi méjì tó wọ́ sì dúró nínú rẹ̀, ìdí wọn dúdú. Igbó etí odò ni, omi odò ló ń bọ́ ọ láàrin ọ̀dàn. Irú rẹ̀ wà lẹ́bàá odò Ògùn nínú ọgbà ẹranko ìjọba ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ká ní wọ́n ti gé igun yẹn kúrò ni, kò sí bí mo ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè fọ́tò tí wọn kò tíì gé lọ́wọ́ ayàwòrán.

Èyí tó wù mí jù ni fọ́tò tí ilẹ̀ àti igi ti ń ta ko ara wọn, irú èyí tí wọ́n ń yà láàrin Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Koríko bo ilẹ̀, iná sì ti kọjá níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pẹ dúró káàkiri, àràbà kan sì gún régé láàrin wọn. Igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oko dídá àti iná ló sọ ọ́ di ọ̀dàn, àwọn igi tí àgbẹ̀ kò gé ló ṣẹ́kù. “Ọ̀dàn tó rọ́pò igbó” ni mo máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀, n ó sì dárúkọ àràbà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá a rí nínú fọ́tò.